Ìwé tí Àbíkẹ́ kọ sí ilé-iṣẹ́ wàrà

Ẹ jẹ́ kí á pe ọmọbìnrin inú ẹ̀kọ́ yìí ní Àbíkẹ́. Ọmọ Kétu ni. Ní ọjà ìlú wọn, àwọn obìnrin Fúlàní máa ń ta wàrà. Wọ́n á fún omi wàrà lára màlúù, wọ́n á sè é, á sì dì. Wàrà dùn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ bàjẹ́. Àbíkẹ́ fẹ́ mọ bí a ti ń tọ́jú wàrà kí ó lè pẹ́. Nítorí náà ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú Rẹ́ẹ̀nì, ní ilẹ̀ Faransé. Màlúù pọ̀ ní agbègbè náà, ilé-iṣẹ́ wàrà sì pọ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún kejì, olùkọ́ sọ fún wọn pé: «Olúkúlùkù yín yóò lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ 8. Ẹni tí kò bá lọ kò ní yege.» Irú ìkọ́ṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní sítáàsì.

Àbíkẹ́ rí ìkéde ilé-iṣẹ́ wàrà kan. Ìkéde náà sọ pé: «A ń gba akẹ́kọ̀ọ́ fún sítáàsì.» Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ó tún rò ó wò. Ṣé wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá? Ìkéde náà kò sọ ọ́. Àbíkẹ́ pinnu láti béèrè.

Ó kọ ìwé kúkúrú, ó sì fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ránṣẹ́. Ó ní: «Ẹ kú iṣẹ́. Àlejò ni mí, ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Mo ń wá iṣẹ́. Ṣé ẹ lè ràn mí lọ́wọ́?»

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Kò sí èsì.

Àbíkẹ́ fi ìwé náà han akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́. Ó ní: «Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé yìí. Wọn kò dá mi lóhùn. Bóyá wọn kì í gba àlejò.»

Ẹ̀gbọ́n ka ìwé náà. Ó ní: «Àbúrò mi, wọn kò tíì kọ̀ ọ́. Ohun tí o ń béèrè ni kò yé wọn. O kọ pé o ń wá iṣẹ́. Iṣẹ́ owó ọ̀tọ̀, sítáàsì ọ̀tọ̀. O kọ pé ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni ọ́. Ṣé Kétu ni o wà nísinsìnyí, àbí Rẹ́ẹ̀nì? Bí o bá wà ní Kétu, o ní láti kọ́kọ́ gba físà kí o tó lè wá, ìyẹn sì máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n o ti wà níhìn-ín, o sì ní ìwé ìgbélùú akẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ mọ̀.»

Àbíkẹ́ béèrè pé: «Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òfin gbà kí n ṣe sítáàsì?»

Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé: «Ó gbà bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa lè ṣe iṣẹ́ owó fún wákàtí 964 lọ́dún, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sítáàsì tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ọwọ́ sí kì í ṣe ara wákàtí náà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ìwé àdéhùn. Sọ fún wọn pé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ yóò ṣe é.»

Àbíkẹ́ jókòó, ó tún ìwé náà kọ. Èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí ní èdè Yorùbá:

«Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo rí ìkéde yín nípa sítáàsì. Mo ń kọ́ nípa ìtọ́jú wàrà ní Rẹ́ẹ̀nì, mo sì wà ní ọdún kejì.

Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni mí. Mo ti wà ní Faransé, mo sì ní ìwé ìgbélùú akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ṣì wúlò títí sítáàsì yóò fi parí.

Ilé-ẹ̀kọ́ mi ní kí n ṣe sítáàsì ọ̀sẹ̀ 8, ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà. Ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò pèsè ìwé àdéhùn.

Ìbéèrè mi ni pé: ṣé ẹ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá fún sítáàsì yìí? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé wo ni kí n mú wá?

Ẹ ṣeun. Èmi ni Àbíkẹ́.»

Ní ọjọ́ kẹta, èsì dé. Ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé pé: «Bẹ́ẹ̀ ni, a ń gbà wọ́n. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé ìgbélùú yín àti ìwé àdéhùn wá. Ṣùgbọ́n a kì í san owó fún sítáàsì ọ̀sẹ̀ 8.» Òtítọ́ ni. Ní Faransé, òfin ní kí ilé-iṣẹ́ san owó bí sítáàsì bá ju oṣù 2 lọ. Ọ̀sẹ̀ 8 kò tó bẹ́ẹ̀. Àbíkẹ́ wá mọ̀ pé òun ní láti tọ́jú owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ òun sílẹ̀.

Ènìyàn 5 ni ó ń fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà. Àkọ́kọ́ ni Àbíkẹ́ fúnra rẹ̀. Èkejì ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀kẹta ni olùkọ́ tí ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Ẹ̀karùn-ún ni òṣìṣẹ́ tí yóò máa kọ́ ọ ní iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìwé yìí ń sọ ọjọ́ tí sítáàsì bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ó parí, àti iṣẹ́ tí Àbíkẹ́ yóò ṣe. Ó tún ń sọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ẹ̀rọ bá ṣe é léṣe.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ 3, Àbíkẹ́ ka orúkọ tí ó wà lórí ìwé náà. Ọwọ́ 4 ni ó rí. Olùkọ́ rẹ̀ kò tíì fi ọwọ́ sí i. Àbíkẹ́ kò sọ pé «Kò burú». Ó gbé ìwé náà tọ olùkọ́ lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Olùkọ́ fi ọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ Ajé, Àbíkẹ́ wọ aṣọ funfun àti bàtà rọ́bà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

Sítáàsì: ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ lọ ń kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́.
Ìwé ìgbélùú: ìwé tí ó fún àlejò ní àṣẹ láti gbé ní ilẹ̀ kan.
Ìwé àdéhùn: ìwé tí ó ń sọ ohun tí àwọn ènìyàn jọ gbà láti ṣe.
Físà: àṣẹ láti wọ ilẹ̀ mìíràn.

Ìbéèrè

1. Kí ni Àbíkẹ́ lọ kọ́ ní Rẹ́ẹ̀nì?
2. Kí ni ìwé àkọ́kọ́ tí ó kọ kò sọ?
3. Nínú ìwé kejì, ka gbólóhùn tí Àbíkẹ́ fi béèrè ohun tí ó fẹ́ mọ̀.
4. Kí ni ìdí tí ilé-iṣẹ́ náà kò fi san owó fún Àbíkẹ́?
5. Dárúkọ àwọn ènìyàn 5 tí ó ń fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn.