Hóró Ẹ̀wà Mélòó ni Hóró Àgbàdo Kan? Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́ lórí Iye Pàṣípààrọ̀ Owó

Kíláàsì àti Àkókò
Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún karùn-ún, ọmọ 40. Ìṣẹ́jú 80, ìyẹn pérìódù méjì tó tẹ̀ léra. Ẹ má pín in sí ọjọ́ méjì, torí bí ilẹ̀ bá ti ṣú, hóró ẹ̀wà yóò ti dín lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ẹnu wọn kò sì ní kò mọ́ lórí ẹni tó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè.

Èròńgbà
Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè sọ pé iye pàṣípààrọ̀ ni iye owó ìlú kan tí èèyàn yóò san láti fi gba ẹyọ owó ìlú mìíràn. Kí ó lè ṣírò rẹ̀ lọ, kí ó ṣírò rẹ̀ bọ̀. Kí ó sì lè sọ ohun kan tó ń mú un yí padà. Mẹ́ta yìí tó fún ọjọ́ kan.

Ìmọ̀ Àtẹ̀yìnwá
Àwọn ọmọ ti mọ ìsọdipúpọ̀ àti pínpín. Wọ́n sì mọ̀ pé Yorùbá wà ní Kétu lápá Bẹ̀nẹ̀ bí wọ́n ṣe wà ní Ìmẹ̀kọ lápá Nàìjíríà. Èdè kan náà ni wọ́n fi ń ná ọjà, ṣùgbọ́n náírà ni wọ́n ń ná níhìn-ín, sẹ́fà ni wọ́n ń ná lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun Èlò
Hóró ẹ̀wà, hóró àgbàdo àti páálí tí a gé wẹ́wẹ́, tí a ya ẹyin, kóńgò gàrí tàbí aṣọ sí lára. Ẹ pín kíláàsì sí méjì. Apá ọ̀tún ni ọjà Ìmẹ̀kọ, tí kì í gba nǹkan kan yàtọ̀ sí ẹ̀wà. Apá òsì ni ọjà Kétu, tí kì í gbà ju àgbàdo lọ. Ọmọ mẹ́ta ni yóò máa tajà ní apá kọ̀ọ̀kan, àwọn 15 yóò máa rà. Olùrajà Ìmẹ̀kọ ní hóró ẹ̀wà 24, ti Kétu ní hóró àgbàdo 8. Ọmọ mẹ́rin tó kù ni yóò ṣe oníṣẹ́ńjì, ṣùgbọ́n kí wọ́n jókòó ná, ìgbà tiwọn kò tíì tó.

Ẹ kọ iye ọjà sí ojú pátákó. Ní Ìmẹ̀kọ, ẹyin kan jẹ́ ẹ̀wà 3, gàrí jẹ́ 6, aṣọ jẹ́ 24. Ní Kétu, ẹyin kan jẹ́ àgbàdo 1, gàrí jẹ́ 4, aṣọ jẹ́ 6. Kí páálí gàrí pọ̀ ní Ìmẹ̀kọ, kí ti aṣọ pọ̀ ní Kétu. Bí ẹ bá jẹ́ kí ọjà méjèèjì rí bákan náà, kò sẹ́ni tó máa ní ìdí láti sọdá, eré náà yóò sì kú.

Ìgbésẹ̀ Kìíní: Ẹ Ná An Fúnra Yín
Ẹ ní kí olùrajà kọ̀ọ̀kan gbìyànjú láti ní gàrí àti aṣọ. Ọmọ Ìmẹ̀kọ á dé Kétu, wọ́n á kọ ẹ̀wà rẹ̀. Kí ó wá ọmọ Kétu tó fẹ́ ẹ̀wà, kí wọ́n jọ ná an. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ sọ iye kankan. Kí gbogbo ẹni tó bá ti ṣe pàṣípààrọ̀ ké e síta, kí ẹ kọ ọ́ sí pátákó: ẹ̀wà 2 fún àgbàdo 1, ẹ̀wà 5 fún 1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ariwo díẹ̀, iye náà sábà máa ń súnmọ́ 3, torí ẹyin. Ọmọ tí wọ́n bá ní kó mú ẹ̀wà 5 wá fún àgbàdo kan á rántí pé ẹyin tí àgbàdo kan ń rà, ẹ̀wà 3 péré ló ń rà á nílé. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn rí i. Bí iye ojú pátákó bá ṣì jìnnà síra, ẹ wò ó dáadáa: àwọn ọ̀rẹ́ ló ń fi hóró ta ara wọn lọ́rẹ. Ẹ pààrọ̀ ìjókòó wọn.

Ìgbésẹ̀ Kejì: Àwọn Oníṣẹ́ńjì
Ẹ fún oníṣẹ́ńjì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wà 30 àti àgbàdo 10. Ẹni tó bá fẹ́ àgbàdo 2 lọ́wọ́ wọn yóò san ẹ̀wà 7. Ẹni tó bá kó àgbàdo 2 wá yóò gba ẹ̀wà 5. Àwọn ọmọ á pariwo pé ìrẹ́jẹ ni. Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìṣirò: ọmọ tó fi ẹ̀wà 14 gba àgbàdo 4, tó wá yí i padà láìra nǹkan kan, ẹ̀wà 10 ni yóò bá padà sílé. Mẹ́rin tó lọ ni owó iṣẹ́ oníṣẹ́ńjì. Òun ni kò jẹ́ kí ọmọ máa rìn kiri inú kíláàsì wá ẹni tí yóò bá pààrọ̀.

Síbẹ̀, ó ṣì dára láti sọdá ra aṣọ. Àgbàdo 6 jẹ́ ẹ̀wà 21 lọ́wọ́ oníṣẹ́ńjì, aṣọ kan náà sì jẹ́ 24 ní Ìmẹ̀kọ. Ti ẹyin kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀wà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni yóò ná ọmọ Ìmẹ̀kọ ní Kétu, 3 ni nílé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọdá nítorí ẹyin. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ Kẹta: Ẹ̀wà Pọ̀ Sí I
Ẹ tún fún olùrajà Ìmẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wà 24, ẹ má fi páálí kankan kún ọjà. Láti ìsinsìnyí, ọlọ́jà àti oníṣẹ́ńjì lè yí iye wọn padà bó ṣe wù wọ́n. Inú àwọn ọmọ Ìmẹ̀kọ á dùn, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́. Gbogbo wọn á rọ́ lọ gba àgbàdo, àgbàdo oníṣẹ́ńjì á sì ń tán lọ. Oníṣẹ́ńjì tó bá lóye á gbé iye rẹ̀ sókè. Èyí tí kò bá gbé e sókè ni yóò kọ́kọ́ di ẹni tó ní ẹ̀wà rẹpẹtẹ láìní àgbàdo kankan. Ẹ tọ́ka sí i.

Sẹ́fà gan-an rí irú èyí. Ìjọba ló dè é mọ́ owó Faransé tẹ́lẹ̀, ní sẹ́fà 50 fún ẹyọ kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọn kò lè dì í mú mọ́, ó di 100 lẹ́ẹ̀kan náà. Lónìí, owó Yúróòpù ni wọ́n dè é mọ́, ní 655.957 fún yúrò kan. Wọn kò de náírà mọ́ nǹkan kan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí iye náírà sí sẹ́fà bá yí padà lẹ́nubodè, ẹ kọ́kọ́ wo bí náírà ti ṣe sí yúrò.

Àṣìṣe Tí Àwọn Ọmọ Máa Ń Ṣe
Àwọn kan á pín níbi tó yẹ kí wọ́n sọ di púpọ̀, wọ́n á ní àgbàdo 6 jẹ́ ẹ̀wà 2. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn hóró wo ni ẹyọ rẹ̀ lè ra nǹkan jù. Wọ́n á tún un ṣe fúnra wọn.

Èyí tó le jù ni pé wọ́n á gbà pé Kétu lówó ju Ìmẹ̀kọ lọ torí àgbàdo kan ń gba ẹ̀wà mẹ́ta. Ẹ sọ ti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 fún wọn, nígbà tí náírà gba ipò pọ́n-ùn Nàìjíríà. Náírà méjì ni wọ́n fún ẹni tó mú pọ́n-ùn kan wá. Owó inú àpò rẹ̀ di ìlọ́po méjì ní kíkà, ọrọ̀ rẹ̀ kò sì fi kọ́bọ̀ lé.

Ìgbéléwọ̀n
1. Bí oníṣẹ́ńjì bá ń gba ẹ̀wà 7 fún àgbàdo 2, ẹ̀wà mélòó ni àgbàdo 10?
2. Aṣọ Kétu jẹ́ àgbàdo 6. Bí oníṣẹ́ńjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀wà 10 fún àgbàdo 2, tí aṣọ Ìmẹ̀kọ ṣì jẹ́ 24, níbo ni ó yẹ kí ọmọ Ìmẹ̀kọ ti rà á? Kí ni ìdí?

Iṣẹ́ Àṣetiléwá
Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè iye tí wọ́n ń ra sẹ́fà, dọ́là tàbí pọ́n-ùn àti iye tí wọ́n ń tà á, kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti béèrè. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú iye kan ṣoṣo bí ìdáhùn tó tọ̀nà. Bí ọmọ méjì bá mú iye tó yàtọ̀ wá, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti béèrè kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní òdo.