Kòkó Ilẹ̀ Wa Láàárín Tíọ́rì Méjì

Ìbéèrè kan kì í wọ́n nínú ìdánwò ẹ̀ka wa: fi tíọ́rì ìsọdìgbàlódé wé tíọ́rì ìgbáralé lórí ìdí tí àwọn orílẹ̀-èdè kan kò fi kúrò nínú òṣì. Ọ̀pọ̀ wa a máa fa ìlà sáàárín ìwé, a ó to ti Rostow sí apá kan, ti Frank sí apá kejì, a ó sì parí rẹ̀ pé méjèèjì ló ní òtítọ́ tirẹ̀. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò sọ ibi tí òtítọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan parí sí. Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn méjèèjì lọ sí oko kòkó ilẹ̀ Yorùbá, ká wo ohun tí wọ́n lè ṣàlàyé níbẹ̀ àti ohun tí wọn kò lè ṣàlàyé.

Kí ni wọ́n ń sọ?

Walt Rostow, onímọ̀ ìtàn ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1960. Ó ní ìpele márùn-ún ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń gbà kọjá: láti àwùjọ àbáláyé, dé ìgbà ìmúrasílẹ̀, dé ìgbà tí ọrọ̀-ajé gbéra bí ọkọ̀ òfuurufú, dé ìgbà tó gbó, títí dé ìgbà tí tọ́mọdé tàgbà ń ra ọjà olówó ńlá. Àmì ìgbéra náà ni pé owó tí orílẹ̀-èdè ń fi dókòwò yóò kúrò ní nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un, yóò sì kọjá ìdá 10. Lójú rẹ̀, inú ilé ni ìdíwọ́ wà: àṣà tí kò fàyè gba ohun tuntun, àìní owó ìpamọ́, àìsí àwọn tó lè dáwọ́ lé ohun tí baba wọn kò ṣe rí.

Andre Gunder Frank ta kò ó ní 1966. Ó ní òṣì kì í ṣe ibi tí gbogbo ayé ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni orílẹ̀-èdè tí kò tíì dàgbà, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n mú kó fà sẹ́yìn. Òwò tó so àwọn ìlú olówó pọ̀ mọ́ àwọn tó ń pèsè ohun àmúṣọrọ̀ fún wọn ló ń sọ àwọn kan di olówó, òun náà ló ń sọ àwọn yòókù di tálákà.

Raúl Prebisch ará Ajẹntínà àti Hans Singer ti ṣàlàyé ọ̀nà tí èyí ń gbà ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 1950. Bí owó oṣù ará London bá di ìlọ́po méjì, kò ní jẹ ṣokoléètì ní ìlọ́po méjì; ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ni yóò fi èyí tó kù rà. Nítorí náà, iye owó kòkó kì í fi bẹ́ẹ̀ ga tó ti ẹ̀rọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àgbẹ̀ yóò máa kó àpò kòkó púpọ̀ sí i sílẹ̀ kó tó lè ra ẹ̀rọ kan náà.

Àgbẹ̀ tí kò dúró de Rostow

Tí Rostow bá jàre, ó yẹ kí àṣà ti dí kòkó lọ́wọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa fúnra wọn, irú àwọn J. K. Coker ní Agége, ló dá oko kòkó ńláńlá sílẹ̀. Àwọn tó wá ṣiṣẹ́ lóko wọn mú irúgbìn àti ìmọ̀ padà lọ sí ìlú wọn, àwọn ọmọ ìjọ sì tàn án kálẹ̀. Kì í ṣe ìjọba amúnisìn ló fi ipá tì wọ́n sí i.

Ẹ rántí pé igi kòkó a máa tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó so dáadáa. Ẹni tó bá gbìn ín ti dókòwò fún ọjọ́ iwájú nìyẹn. Àṣà ilẹ̀ gan-an ràn wọ́n lọ́wọ́: àlejò tí kò ní ilẹ̀ a máa gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun tí Rostow pè ní ìdíwọ́ ló di àkàbà. Ìfẹ́ ohun tuntun kọ́ ló wọ́n wọn.

Ta ló ń pinnu iye owó?

Ibi yìí ni Frank ti lágbára. Àgbẹ̀ ló ń gbìn, òyìnbó ló ń sọ iye tí yóò rà á. Ní 1937 àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó fẹnu kò lórí iye tí wọn yóò san, àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tó di Gánà lónìí, sì kọ̀ láti tajà. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba amúnisìn sọ ara rẹ̀ di òǹrajà kan ṣoṣo. Ní 1947 wọ́n dá bọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún kòkó Nàìjíríà. Àlàyé wọn ni pé bọ́ọ̀dù yóò fi owó pamọ́ nígbà tí ọjà bá wọ́n, kó lè fi gba àgbẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá wálẹ̀. Ìlú London ni wọ́n tọ́jú owó ìpamọ́ náà sí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní tọ́ọ̀nù kòkó kan jẹ́ £100 lọ́jà àgbáyé, tí bọ́ọ̀dù sì san £60 fún àgbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọjà àgbáyé di £200, bọ́ọ̀dù sì san £80. Inú àgbẹ̀ lè dùn pé owó òun lé ní £20. Ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ ti já láti ìdá 60 sí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá wo iye owó nìkan kò ní rí i. Ìpín ni kí ẹ máa wò.

Ibi tí Frank náà dúró sí

Ní 1954 bọ́ọ̀dù bọ́ sí ọwọ́ ìjọba agbègbè. Àwọn aṣáájú tiwa ló wá ń darí rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Owó kòkó wà lára ohun tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 ró, ẹnikẹ́ni kò sì lè fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjọba kò dáwọ́ gígé ìpín àgbẹ̀ dúró. Ní 1968 sí 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde: owó-orí ti pọ̀ jù, owó kòkó kò sì tó nǹkan. Ìjọba tiwọn ni wọ́n bá jà, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ òyìnbó. Ní 1981, Robert Bates ṣàlàyé irú ìwà yìí: àwọn ará ìlú ńlá lè yọ ìjọba lẹ́nu ju àgbẹ̀ tó fọ́n káàkiri oko lọ, nítorí náà, àgbẹ̀ ni ìjọba ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi tẹ́ ará ìlú lọ́rùn. Tíọ́rì tó ń wo òkè òkun nìkan kò lè rí èyí.

Kòríà Gúúsù tún jẹ́ ìṣòro fún Frank. Ó so òwò rẹ̀ mọ́ Amẹ́ríkà àti Jàpáànù tímọ́tímọ́, síbẹ̀ ó là. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀ fún Rostow. Ìjọba Kòríà pín ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀, Amẹ́ríkà ràn án lọ́wọ́ gidigidi, ìjọba sì ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ lówó yá pẹ̀lú àdéhùn pé wọ́n gbọ́dọ̀ tajà sókè òkun. Kì í ṣe pé ó kàn dúró de ìpele tó kàn.

Nítorí náà, bí ìbéèrè yìí bá tún dé, ẹ má fa ìlà sáàárín ìwé. Ẹ mú ọjà kan, kí ẹ sì tọ owó rẹ̀ lẹ́yìn: ta ló pinnu iye rẹ̀, ta ló mú ohun tó kù lẹ́yìn tí àgbẹ̀ gba tirẹ̀, kí ni onítọ̀hún sì fi ṣe? Lórí kòkó wa, ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ wà lókè òkun, gẹ́gẹ́ bí Frank ti wí. Ìdáhùn sí ìkejì kọ́kọ́ wà ní London, ó sì wá dé Ìbàdàn. Ìkẹta ni tíọ́rì méjèèjì kò bi wá dáadáa, òun sì ni àwọn Àgbẹ́kọ̀yà béèrè.