Kóòdù inú pọ́ọ̀sì: bí a ṣe ń wọlé nígbà tí fóònù kò sí nítòsí

Bẹ̀líìnì ni mò ń gbé. Lọ́jọ́ kan, mo wọ rélùwéè lọ sí Hámúbọ́ọ̀gì, mo sì gbàgbé fóònù mi sílé níbi tí mo ti ń ṣáájì rẹ̀. Ìwé àdéhùn ilé kan wà nínú ímeèlì mi tí mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kó tó di aago méjì. Mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà mi sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi, ó gbà á, àmọ́ Google tún ní kí n mú kóòdù wá látinú áàpù orí fóònù.

Orí mi bá mi ṣe é, ìwé kóòdù ìpamọ́ mi wà nínú pọ́ọ̀sì. Mo tẹ ọ̀kan. Ó kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Nọ́ńbà mélòó ni wọ́n ní kó o tẹ̀?"

"Mẹ́fà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Mélòó ló wà lórí ìwé ọwọ́ ẹ?"

"Mẹ́jọ ni."

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi wà. Kóòdù áàpù jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà, ó sì ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 30. Kóòdù ìpamọ́ ti Google jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ, mẹ́wàá ni wọ́n ń fún wa lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í yí padà. Àpótí ọ̀tọ̀ ló ní. Mo tẹ `Try another way`, mo sì yan èyí tó sọ̀rọ̀ nípa `8-digit backup codes`.

Ó tún kọ̀! Mo wá rántí pé mo ti lo kóòdù àkọ́kọ́ yẹn nígbà tí mo pààrọ̀ fóònù, mi ò sì fa ìlà sí i. Bíi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ló rí: ẹ̀ẹ̀kan péré la lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkejì ló ṣílẹ̀kùn. Ká ní gbogbo wọn ló kọ̀, á jẹ́ pé ìwé náà ti gbó ni, torí bí ẹ bá ti gba mẹ́wàá tuntun, gbogbo ti àtijọ́ ti kú nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ déètì sórí ìwé yín.

Torí pé kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ni, mo yọ àmì kúrò níwájú `Don't ask again on this device` kí n tó wọlé. Lẹ́yìn tí mo fọwọ́ sí ìwé tán, mo fa ìlà sórí kóòdù tí mo lò, mo sì jáde nínú àkáǹtì náà.

Nígbà tí mo padà sí Bẹ̀líìnì, mo lọ sí `Security`, lẹ́yìn náà `2-Step Verification`, lẹ́yìn náà `Backup codes`. Mo gba mẹ́wàá tuntun, mo tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, mo sì fa ti àtijọ́ ya. Ẹ má fi wọ́n pamọ́ sínú ímeèlì tí wọ́n fẹ́ ṣí fún yín, ìyẹn dà bíi kéèyàn ti kọ́kọ́rọ́ mọ́lé. Ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín sórí ìwé kan náà: ẹni tó bá rí méjèèjì ti rí gbogbo ohun tó fi máa wọlé.

Ó tún dìgbà kan ná o.