Òǹkà Kẹwàá Nínú Nọ́mbà Àkáǹtì

Nígbà tí òbí kan bá dúró ní ṣọ́ọ̀bù oní-pí-ó-ẹ́ẹ̀sì ní Abúlé Adó láti fi owó ilé-ìwé ránṣẹ́, òǹkà mẹ́wàá ni yóò pè sí etí ẹni tí ń tẹ ẹ̀rọ. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni ó dá àkáǹtì náà mọ̀ nínú báǹkì rẹ̀. Ìkẹwàá kò dá ohunkóhun mọ̀. Ara àwọn yòókù ni a ti ṣírò rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ṣọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní òǹkà àyẹ̀wò.

Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ni ó gbé ìlànà náà jáde ní ọdún 2010, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2011. NUBAN ni orúkọ rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, bí báǹkì kọ̀ọ̀kan ti fẹ́ ni nọ́mbà àkáǹtì tirẹ̀ ṣe ń gùn.

Báyìí ni a ti ń ṣe ìṣirò náà. Báǹkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà ìdánimọ̀ olóǹkà mẹ́ta. 011 ni ti First Bank. A ó kọ ọ́ ṣáájú òǹkà mẹ́sàn-án ti àkáǹtì, kí ó lè di méjìlá. Ká ní 000002468 ni àkáǹtì tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. A ó wá to ìwọ̀n 3, 7, 3 sí abẹ́ wọn léraléra:

```
0 1 1 0 0 0 0 0 2 4 6 8
3 7 3 3 7 3 3 7 3 3 7 3
```

A ó sọ òǹkà kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ìwọ̀n tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn òdo kò mú nǹkan kan wá. Àwọn yòókù fún wa ní 7, 3, 6, 12, 42 àti 24, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 94. Bí a bá pín 94 sí mẹ́wàá-mẹ́wàá, 4 ni yóò ṣẹ́kù. A yọ 4 yìí kúrò nínú 10, ó ku 6. (Bí kò bá sí ìyókù, 0 ni òǹkà àyẹ̀wò.) Nítorí náà, 0000024686 ni nọ́mbà àkáǹtì náà.

Ká wá ní ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ gbọ́ 8 ní 3, tí ó tẹ 0000024636. Àròpọ̀ yóò di 79, òǹkà àyẹ̀wò tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ yóò sì jẹ́ 1, bẹ́ẹ̀ 6 ni ó wà níbẹ̀. Àṣìṣe ti hàn. Kò sí àṣìṣe òǹkà kan ṣoṣo tí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò yìí, nítorí pé kò sí òǹkà láti 1 dé 9 tí ìlọ́po 3 tàbí ìlọ́po 7 rẹ̀ parí sí òdo. Bí ó bá jẹ́ 5 ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n, ẹni tí ó tẹ 4 dípò 2 ìbá fi 10 gééré kún àròpọ̀, ìyókù kò sì ní yí padà.

Ìyípòpadà ni ó ṣòro jù. Bí a bá tẹ 64 dípò 46, ìwọ̀n wọn jẹ́ 3 àti 7, àròpọ̀ á di 86, a ó sì rí i pé nǹkan kò tọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ 42 dípò 24, ìwọ̀n 3 ni ó wà lábẹ́ òǹkà méjèèjì. 94 ni àròpọ̀ ṣì jẹ́, 0000042686 yóò sì kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àyè méjì bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú òǹkà mẹ́sàn-án ti àkáǹtì: láàárín ìkẹta àti ìkẹrin, àti láàárín ìkẹfà àti ìkeje. Níbi tí 3 àti 7 ti pàdé pàápàá, òǹkà méjì tí a fi 5 ju ara wọn lọ, bíi 1 àti 6, lè pààrọ̀ àyè kí ìṣirò má mọ̀. Lójú tèmi, ìwọ̀n mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra wọn ìbá sàn ju èyí lọ.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán wò. Nọ́mbà UBA ni 033, ti Access Bank sì ni 044. Nínú 011, 7 àti 3 pa pọ̀ di 10. Nínú 033, 21 àti 9 di 30. Nínú 044, 28 àti 12 di 40. Gbogbo wọn ni ó parí sí òdo. Nítorí náà, nọ́mbà tí ó bá tọ́ ní ọ̀kan nínú báǹkì mẹ́ta wọ̀nyí yóò kọjá àyẹ̀wò ní méjì yòókù. Bí òbí bá yan UBA dípò First Bank lójú fóònù, òǹkà kẹwàá kò ní lè ta á lólobó. Orúkọ oní-àkáǹtì tí ó bá yọ lójú fóònù kí owó tó lọ nìkan ni yóò sọ fún un.