Pálọ̀ Kan Náà, Aṣọ Mìíràn

Ọ̀ṣọ́ oníwọ̀nba ni a lè pe ọ̀ṣọ́ pálọ̀ òde òní tí ògiri rẹ̀ funfun, tí àga rẹ̀ kò pọ̀, tí kò sì sí ọnà lára kọ́tìnì tàbí tìmùtìmù rẹ̀. Bí onílé bá fẹ́ sọ irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ di ti ìbílẹ̀ Yorùbá láìwó ògiri, láìsún fèrèsé kúrò ní ipò rẹ̀, aṣọ ni yóò ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ohun tó sì yẹ kó kọ́kọ́ wò ni bóyá ibi tí aṣọ kọ̀ọ̀kan yóò wà yóò tẹ́ ẹ gbalaja tàbí yóò kó o jọ.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni èyí tí aládìrẹ fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ sí lára kí ó tó rẹ ẹ́ sínú aró, tí aró kò fi ní mú ibi tí ẹ̀kọ wà. Nínú irú rẹ̀ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, àwòrán ńláńlá ló wà nínú igun mẹ́rin-mẹ́rin, títí kan àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó. Bí a bá fi èyí ṣe kọ́tìnì, ìṣẹ́po aṣọ yóò gbé àwọn òpó náà mì, nítorí náà ara ògiri tó wà lẹ́yìn àga ni ó yẹ kí a ta á sí. Àdìrẹ oníko, tí a fi ìko di kí a tó pa á láró, ló yẹ fèrèsé, nítorí pé òbìrìkìtì kéékèèké rẹ̀ kì í sọnù bí aṣọ bá ṣẹ́ po.

Bí irin kọ́tìnì bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, aṣọ tí yóò ṣẹ́ po dáadáa gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì rẹ̀, èyí tí í ṣe 10. Bí aṣọ bá fẹ̀ ní íǹṣì 45, ìdá mẹ́ta ni a óò rán pọ̀. Bí irin náà bá sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8 sílẹ̀, tí a fi ààbọ̀ kún un fún ìṣẹ́tí, ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò gba yáàdì 8 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá ra ìdì méjì oníyáàdì 5 yóò rò pé ó tó, ṣùgbọ́n ìdá kan ṣoṣo ni ìdì kọ̀ọ̀kan lè mú jáde, nítorí náà ìdì mẹ́ta ni yóò rà, àjẹkù rẹ̀ yóò sì di aṣọ tìmùtìmù.

Kí a tó fi àdìrẹ bo àga, kí a fi aṣọ funfun tó tutù ra á lára. Bí aró bá yí aṣọ funfun náà, a gbọ́dọ̀ tún àdìrẹ náà fọ̀. Oòrùn a máa mú aró ṣí, ìdí nìyí tí a fi ń rán aṣọ funfun mọ́ ẹ̀yìn kọ́tìnì.

Ní ti ògiri, ọnà a máa tú àṣírí bíríkìlà. Igun ilé tó wọ́ díẹ̀ kì í hàn lára ọ̀dà funfun, ṣùgbọ́n bí a bá ta aṣọ òkè onílà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbogbo ojú ni yóò rí i. Kí a so òkúta mọ́ okùn, kí a jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀, kí a sì ta aṣọ náà tẹ̀lé okùn ọ̀hún dípò igun ilé, kí ó sì jìnnà sí igun náà tó ẹsẹ̀ bàtà 1.