Títú Ìwé Ìbéèrè Inú Fótò Palẹ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra fún ìdánwò Wáẹ̀kì ló ní fótò ìwé ìbéèrè ọdún tó ti kọjá lórí fóònù. Wọ́n á yanjú ìbéèrè inú rẹ̀, wọ́n á sì pa á tì. Ṣùgbọ́n ìwé náà ṣì ní ohun kan láti sọ fún ẹni tó bá tú u palẹ̀: orí-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń padà sí, àti irú iṣẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ ká ṣe lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Ìwé Kejì nínú ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí a ti ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní kíkún.

Apá méjì ni ìwé yìí ní. Ìbéèrè 5 ló wà ní apá kìíní, dandan ni gbogbo wọn, máàkì 40 ni wọ́n sì gbé. Apá kejì ní ìbéèrè 8, ẹ óò mú 5 níbẹ̀ fún máàkì 60. Nítorí náà, ìbéèrè 13 ló yẹ kẹ́ ẹ rí nínú fótò. Ẹ kà wọ́n kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí wọn kò bá pé, ẹni tó ya fótò gbàgbé ojú-ìwé kan nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ ara yín da ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kọ sínú ìwé. Iṣẹ́ yìí máa ń sú ènìyàn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ti ń rí ohun tí fótò bàjẹ́. Ohun tó ń sọnù jù ni àwọn àmì kékeré. Ká sọ pé ìbéèrè kan ní kẹ́ ẹ wá iye x nínú x² − 3x − 5 = 0, kí ìdáhùn ní nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì dẹ́símà. Bí ìlà tí wọ́n ká sórí ìwé náà bá mú kí ìyọkúrò kejì jọ ìròpọ̀, ẹ óò kọ x² − 3x + 5 = 0. Ẹ gbìyànjú láti yanjú rẹ̀: 9 − 20 ni yóò bọ́ sábẹ́ àmì √, ìyẹn −11, kò sì sí nọ́ńbà kan tí a mọ̀ ní kíláàsì yín tí a lè fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kó fún wa ní −11. Ẹ padà sí fótò nígbà náà, kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú. Tí àmì bá tọ́, 29 ni yóò wà níbẹ̀, ìdáhùn yóò sì jẹ́ 4.19 àti −1.19. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí gan-an, torí pé ìbéèrè fúnra rẹ̀ ló ń tú àṣìkà fó.

Ó wá kan títò. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà ìbéèrè tò ó, apá (a), (b) àti (c) ni kẹ́ ẹ máa kà. Ẹ wo irú ìbéèrè yìí: wọ́n fún yín ní àtẹ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ 40. (a) Ẹ ṣe àtẹ àkójọpọ̀, kẹ́ ẹ sì ya gíráàfù rẹ̀. (b) Ẹ lo gíráàfù náà láti rí mídíánì. (c) Bí ó bá jẹ́ pé 55 ni máàkì ìyege, kí ni ìṣeéṣe pé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a kàn mú láàárín wọn yege? Ẹni tó bá yára yóò kọ “ìṣirò àtẹ” kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló yẹ kó jẹ́: yíya gíráàfù, kíka iye láti orí gíráàfù, àti ìṣeéṣe. Ẹni tó mọ gíráàfù yà tí kò mọ ìṣeéṣe ò ní pàdánù gbogbo ìbéèrè náà, apá (c) nìkan ni yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àtòjọ yín sì gbọ́dọ̀ fi ìyẹn hàn.

Níwájú orí-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó ń pàṣẹ nínú ìbéèrè: wá, yà, fi hàn pé, ṣe àlàyé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ ohun tí wọ́n fún yín àti ohun tí wọ́n ń béèrè. Orí-ẹ̀kọ́ kan náà ni ká fún yín ní x² − 3x − 5 = 0 kẹ́ ẹ yanjú, àti ká sọ ìtàn nípa ilẹ̀ oníhà mẹ́rin tí gígùn rẹ̀ ju ìbú rẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ fúnra yín gbé ìdọ́gba jáde. Síbẹ̀, irú iṣẹ́ méjì ni wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ti àkọ́kọ́ dáadáa lè máà mọ ibi tí yóò ti mú èkejì.

Ìwé kan ṣoṣo ò lè fi hàn pé ohun kan ń padà wá. Ìwé ọdún bíi márùn-ún ló yẹ kẹ́ ẹ kó jọ, iye ọdún tí orí-ẹ̀kọ́ kan sì fara hàn lẹ óò kà, kì í ṣe iye ìgbà. Ohun tó bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìwé kan tí kò sì sí nínú mẹ́rin yòókù, ọdún kan péré ló ní. Tó bá kan ìbéèrè tí ẹ kò rí kà rárá, ẹ kọ “kò hàn” síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ má fi èrò ọkàn dí àlàfo náà, torí pé iye tí ẹ bá méfò yóò ba gbogbo kíkà yín jẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń pinnu ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ kà, ẹ ya apá kìíní sọ́tọ̀ kúrò lára apá kejì. Orí-ẹ̀kọ́ tó jáde ní ọdún mẹ́ta ní apá kìíní ni kó ṣíwájú èyí tó jáde ní ọdún mẹ́ta ní apá kejì, nítorí pé ní apá kejì ẹ lè fo ìbéèrè mẹ́ta, ṣùgbọ́n ní apá kìíní ẹ kò lè fo ọ̀kankan.