Ẹ̀kán Kan sí Ojú Kan
Bí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ àgbẹ̀ di ìlànà iṣẹ́

Nínú ẹ̀kọ́ tí ó kọjá a kọ lẹ́tà sí ọmọ wa tí ó wà ní ìdálẹ̀. Ti òní yàtọ̀. A ó gbọ́ ohùn ẹni tí ó ń kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́, a ó sì fi pẹ́ńsùlù yọ iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí kò sí ní ìpàdé náà lè rí i kà, kí ó sì lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àṣìṣe tèmi. Ní ọdún 2021, ní ìparí oṣù kẹwàá, òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ kan wá sí abúlé tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé. Ó wá kọ́ wa bí a ti ń fi oògùn dáàbò bo adìẹ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ lukúlukú. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ mọ lukúlukú. Ọyẹ́ ni ó sábà ń bá wọlé. Adìẹ á sọ ìyẹ́ kalẹ̀, á máa yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé, òmíràn ọrùn rẹ̀ á lọ́, kí ilẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sì tó ṣú, agbo ti tán.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi fóònù gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 47 ni. Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ bá wa kọ ọ́ ní ṣókí, kí á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.” Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé rí, mo rò pé etí mi ti gbó nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí: “Ẹ kán ẹ̀kán kan sí ojú kọ̀ọ̀kan.”

Agbo ilé 4 ni ó dáwó ra ìgò oògùn kan. Ìgò náà tó adìẹ 100. Adìẹ tiwọn jẹ́ 96, nítorí náà ó yẹ kí ó kárí. Ṣùgbọ́n adìẹ kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì. Bí wọ́n ti ṣe agbo ilé 2 tán ni ìgò gbẹ. Wọ́n rò pé ẹni tí ó ta oògùn ni ó rẹ́ wọn jẹ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, lukúlukú wọ agbo ilé 2 tí ó kù. Ìyá àgbà kan tí ó ní adìẹ 14 ku 2. Mo lọ bá a, mo sì jẹ́wọ́ fún un pé kálàmù mi ni. Ó wò mí títí, ó ní, “Háà, Tíṣà, èmi rò pé ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀ kì í ṣì.”

Mo padà sídìí fóònù náà. Ohun tí ọkùnrin yẹn wí ni pé: “Ẹ kán ẹ̀kán kan sí ojú kan, fún adìẹ kọ̀ọ̀kan.” Adìẹ ni “kọ̀ọ̀kan” ń tọ́ka sí. Èmi ni mo mú un lára adìẹ, mo fi í sára ojú. Láti ìgbà náà, mo ní ọ̀nà kan tí mo ń tọ̀. Ohùn kan náà yìí ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́ láì mú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Ẹ kàn fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ ni. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ kì í tẹ̀lé bí iṣẹ́ ti ń lọ. Òṣìṣẹ́ yìí kọ́kọ́ ṣàlàyé àrùn, ó sọ bí a ti ń kán oògùn, ó pa wá lẹ́rìn-ín, ó sọ bí a ti ń tọ́jú oògùn kí oòrùn má pa á. Nígbà tí ó ti ń dìde láti lọ ni ó tó ní, “Ẹ dákun, mo gbàgbé: ní alẹ́ tí ó ṣáájú, ẹ sé adìẹ yín mọ́lé o, kí ẹ má baà máa sáré lé wọn láàárọ̀.” Ohun tí ó sọ kẹ́yìn ni a ó kọ́kọ́ ṣe.

Nígbà kejì, ẹ mú pẹ́ńsùlù. Ibikíbi tí ẹ bá ti gbọ́ iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe, ẹ dá ohùn dúró, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìrépé bébà kékeré kan: sé, kà, dì mú, kán, fọ̀. Iṣẹ́ kan, ìrépé kan. Ẹ kọ aago tí ó wà lójú fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè tètè padà síbẹ̀. Ẹ má fo ìbéèrè àwọn èèyàn. Ní ìṣẹ́jú 38, obìnrin kan bèèrè pé, “Adìẹ tèmi tí ó ti ń sín ńkọ́? Ṣé oògùn yìí á wò ó sàn?” Ó dáhùn pé rárá, oògùn yìí ń dènà ni, kì í wo àrùn; kí á má kán an sí adìẹ tí ó ń ṣàìsàn, bí àrùn bá sì ti wọ agbo, kí á ké sí dókítà ẹran. Bí ẹ bá ti pa fóònù nígbà tí ó ní “Mo dúpẹ́”, ọ̀rọ̀ ńlá yìí ti sọnù.

Ìgbà kẹta wà fún iye nìkan: mélòó, ìgbà wo, báwo ni ó ti pẹ́ tó. Iye ni ó ń pa adìẹ. Ní ibì kan ó ní kí á tún oògùn náà kán lẹ́yìn “oṣù mẹ́…”, àkùkọ sì kọ lé e lórí. Ṣé mẹ́ta ni? Ṣé mẹ́rin? Ṣé mẹ́fà? Gbogbo wọn ni “mẹ́” bẹ̀rẹ̀. Mo tún un gbọ́ títí, n kò mọ èyí tí ó jẹ́. Ẹ má ṣe fi èrò yín dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, “Oṣù mẹ́rin ni, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún.” Ibi tí ìdáhùn kò bá tíì dé, ẹ fi àmì ìbéèrè sí, kí ẹ má sì lẹ ìwé náà mọ́ ògiri.

Nísinsìnyí, ẹ tẹ́ àwọn ìrépé bébà yín sórí tábìlì tàbí ẹní. Ẹ tò wọ́n bí ọwọ́ yóò ti ṣe wọ́n. Ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e sí ìdí iṣẹ́ tí ó kàn án. Bí ẹ bá kó gbogbo “má ṣe” jọ sísàlẹ̀, ẹni tí ó ń kà á yóò ti ba iṣẹ́ jẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Ìtàn àti àwàdà, ẹ yọ wọ́n kúrò. Ṣùgbọ́n bí òfin kan bá wà tí èèyàn lè kà sí àṣejù, ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ ní ìlà kẹta, ẹ ó rí i.

Ohun tí ìṣẹ́jú 47 náà dà rè é:

1. Ka adìẹ rẹ, àgbà àti ọmọ. Sọ iye wọn fún ẹni tí yóò ra oògùn ìkán-sójú.
2. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, sé gbogbo wọn mọ́lé.
3. Láàárọ̀ kùtù, gbé oògùn sínú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Má jẹ́ kí oòrùn kàn án. Ohun abẹ̀mí ni ó wà nínú oògùn náà; bí ó bá kú, omi lásán ni ẹ ń kán.
4. Wo adìẹ rẹ. Èyí tí ó bá ń ṣàìsàn, yà á sọ́tọ̀, má kán an sí i. Bí àrùn bá ti wọ agbo, dúró, kí o pe dókítà ẹran.
5. Jẹ́ kí òṣìṣẹ́ po oògùn. Kí iṣẹ́ parí láàárín wákàtí 2 tí ó bá pò ó.
6. Di adìẹ mú. Fi orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ojú rẹ̀ 1 kọjú sókè.
7. Dojú ìgò délẹ̀ gangan. Kán ẹ̀kán 1 sí ojú 1. Adìẹ àgbà àti ọmọ, ẹ̀kán 1 náà ni. Má jẹ́ kí ẹnu ìgò kan ojú rẹ̀.
8. Dúró kí adìẹ ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, fi í sílẹ̀.
9. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ. Má fi ọwọ́ oògùn nu ojú ara rẹ, nítorí ó lè sọ ojú di pupa.
10. Má tọ́jú èyí tí ó kù di ọ̀la. Se ìgò náà nínú omi híhó, kí o rì í mọ́lẹ̀.
11. Kọ ọjọ́ òní sára ògiri. Tún un ṣe ní oṣù 4 sí i.

Ẹ wò ó pé n kò kọ “kan” mọ́ ní ìlà keje. Mo kọ 1. Àkọ́kọ́ṣe onímọ̀-ìwé lè ka “kan” kí ó rò pé “kọ̀ọ̀kan” ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ka 1 sí 2.

Mo tún fi ọ̀rọ̀ kan sí abẹ́ ìlà náà, nítorí mo mọ ìjà tí ó lè dá sílẹ̀: ó tó ọ̀sẹ̀ 2 kí oògùn tó múlẹ̀ dáadáa lára adìẹ. Èyí tí lukúlukú bá mú kí ọ̀sẹ̀ 2 tó pé, oògùn kò jẹ̀bi. Kì í sì dènà àrùn mìíràn. Olóde adìẹ pẹ̀lú oògùn yìí á rí i láti igba dé ìgbà pé adìẹ kan ṣì kú.

Kí n tó lẹ ìwé náà mọ́ ògiri, mo dán an wò. Mo fún obìnrin kan tí kò wá sí ìpàdé, mo bu omi sínú ìgò òfìfo, mo gbé adìẹ kan lé e lọ́wọ́. Mo ní kí ó kà á, kí ó sì ṣe é. Èmi kò la ẹnu. Ní ìlà kẹfà ó dúró, ó ní, “Ẹ̀gbẹ́ wo?” Mo rí i pé ìlà náà kò wí i. Mo bi òṣìṣẹ́ náà, ó ní ẹ̀gbẹ́ èyíkéyìí ni. Mo fi kún un: “ọ̀tún tàbí òsì, bó ti wù ọ́.” Ibi tí ẹni tí ó ń dán an wò bá dúró, ìwé yín ni ó ní àbùkù níbẹ̀, kì í ṣe òun.

IṢẸ́ ÌDÁNWÒ. Olùkọ́ àgbẹ̀ kan ń sọ nípa gbígbin ẹ̀gẹ́. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì:

“Ẹ jẹ́ kí àlàfo igi kan sí èkejì jẹ́ mítà kan. Ẹ kú ìjókòó o. Igi náà, ẹ gé e kí ó ní ojú 5 sí 7, kí ẹ tó gbìn ín. Àbẹ ni kí ẹ lò, kí ó mú dáadáa. Báwo ni ẹ ti ń yan igi? Ẹ má mú u lára ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ ká kò tí ó sì ní àbàwọ́n ìyeyè, àrùn ni. Èyí tí ó ti pé oṣù 8 sí 12 ni kí ẹ gé.”

Ẹ gé ìrépé bébà, kí ẹ kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ara rẹ̀. Èwo ni ìlà àkọ́kọ́? Ìlà wo ni ìkìlọ̀ ewé kíká yẹ kí ó wà? Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ yọ kúrò? Kí ni olùkọ́ yìí kò wí tí ẹ ó fi pè é padà?